Wọ́n jó kúlọ́ọ̀ṣì mọ́ mi lọ́wọ́: bí mo ṣe kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Kábà

₦45,000 ni mo san fún àwọn tó ní àwọn ń kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà. ₦110,000 ni mo san fún mẹkáníìkì láti tún ohun tí wọ́n bàjẹ́ ṣe. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tí yóò sọ fún mi pé ó bójú mu kí akẹ́kọ̀ọ́ sanwó ẹ̀kọ́ tán, kó tún sanwó àìmọ̀ọ́kọ́ olùkọ́.

Tíṣà ni mí, mo ti lé ní ogójì ọdún, abúlé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ sì jìnnà sí Kábà. Ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ tí mò ń gùn bọ̀, títí òjò ọdún kan fi fojú mi rí màbo. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìlọrin ló fún mi ní Gọ́ọ̀fù rẹ̀ tó ti gbó, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ pààrọ̀ jíà rẹ̀. Ọkọ̀ náà wà ní àgbàlá wa tí adìyẹ ń sùn lábẹ́ rẹ̀ kí n tó rí ìgboyà wá ẹni tí yóò kọ́ mi.

Àwọn ohun tó rọrùn, mi ò ní fi wọ́n dá yín dúró. Bí a ṣe ń tan iná ọkọ̀, bí a ṣe ń di sitiárìn mú, bí a ṣe ń wo dígí, ọmọdé tó bá ń jókòó níwájú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ti ń wakọ̀ kiri pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé kan bí ọ̀gá, inú mi sì ń dùn débi pé mo gbé àwọn ọmọ mi wá wòran. Òkè ló wá tú àṣírí.

Ẹni tó bá mọ Kábà mọ̀ pé òkè ló yí wa ká. Kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ wakọ̀ kọjá ìgboro tí kò ní dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbì kan, tí ọ̀kadà méjì á tún lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Nígbà tí a dé irú ibẹ̀, ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní, “Mọ́mì, ẹ má fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì. Ẹ fún un ní epo, ẹ fi kúlọ́ọ̀ṣì gbé e dúró.” Ìyẹn ni pé kí n gbé ẹsẹ̀ òsì dé ààbọ̀, kí n máa fi ọ̀tún fún un ní epo, kí ọkọ̀ dúró lójú kan, kó má lọ síwájú, kó má sì sún sẹ́yìn. Ọkọ̀ sì dúró lóòótọ́. Ó ní kí n máa ṣe é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dí ọ̀nà. Ọkọ̀ tèmi la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí tiwọn wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti ọjọ́ tí mo ti sanwó. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti sọ nǹkan fún mi.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀: kúlọ́ọ̀ṣì jẹ́ pléètì kan tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíàbọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, pléètì náà kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ tán, ó lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á jọ máa yí. Ní ààbọ̀ yìí, kò kúrò, kò sì lẹ̀, ó kàn ń fara ha ẹ́ńjìnnì ni, ìfarahà yẹn ló sì ń di ooru. Fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń ṣí, kò burú, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ń gbé ọkọ̀ dúró lórí òkè ń jó o ni. Òórùn kan máa ń jáde, bíi ti rọ́bà tó jóná. Mo gbọ́ ọ. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tírélà tó kọjá ni.

Nígbà tó yá, mo ń tẹ epo, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò yára. Mẹkáníìkì kan ṣe àyẹ̀wò tí mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, níbi tí kò sí ohunkóhun níwájú, ó fa áńbíréèkì sókè dáadáa, ó fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì pẹ̀lú, ó kó o sí jíà kẹta, ó wá rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kúlọ́ọ̀ṣì. Tí kúlọ́ọ̀ṣì bá dára, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tèmi kò kú, ó ń ṣiṣẹ́ lọ ràì. Ó ní pléètì ti tán. Wọ́n ní láti sọ jíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí owó fi gun òkè. Ọ̀gá olùkọ́ mi wá ní ẹsẹ̀ obìnrin ló wúwo! Ẹ̀rín ni mo rín. Tí mo bá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, n bá ti ṣẹ̀.

Ohun tó burú ju owó lọ ni pé ẹ̀rù òkè ti wọ̀ mí lára. Tí mo bá ti rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lókèèrè, ẹsẹ̀ òsì mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Bàbá kan ní àdúgbò wa ló yọ mí. Wọ́n ti wa lọ́rì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì máa ń jókòó síwájú ilé wọn lálẹ́. Mo kí wọn, “Ọ̀kun o, Bàbá,” mo ro ẹjọ́ mi. Wọ́n ní kí n wọ inú ọkọ̀ kí n tẹ kúlọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀ kí àwọn rí i. Wọ́n wo orúnkún mi, wọ́n ní, “Ìyá Bọ́lá, ta ló ní kí o jókòó sí ọ̀nà jíjìn báyìí?” Orúnkún mi ti nà tán. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tó nà tán kò lè dúró ní ààbọ̀ kó má gbọ̀n, yálà ẹ̀rù ń ba olówó rẹ̀ tàbí kò bà á. A fa síìtì síwájú títí orúnkún fi tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí kúlọ́ọ̀ṣì wà nílẹ̀, wọ́n sì ní kí n fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ ọkọ̀, kí n yọ bàtà onígìgísẹ̀. Ìdajì gbígbọ̀n náà tán níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó gbowó lọ́wọ́ mi kò wo orúnkún mi rí!

Lẹ́yìn náà wọ́n fi bí a ti ń gbéra lórí òkè hàn mí. Áńbíréèkì ni yóò gbé ọkọ̀ dúró, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹ fà á sókè. Ẹ tẹ kúlọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, ẹ kó o sí jíà kìíní. Ẹ fún un ní epo díẹ̀ kí ohùn ẹ́ńjìnnì ga níwọ̀nba, kó sì dúró síbẹ̀. Ẹ wá rọra máa gbé ẹsẹ̀ òsì títí ẹ ó fi gbọ́ tí ohùn yẹn wálẹ̀, tí imú ọkọ̀ sì fẹ́ gbéra sókè díẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gbá a mú. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ mọ́, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ tú áńbíréèkì sílẹ̀. Ọkọ̀ kò ní sún sẹ́yìn. Ẹ fi epo kún un, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì tán bó ṣe ń lọ. Tó bá sún sẹ́yìn, ẹ tẹ bíréèkì àti kúlọ́ọ̀ṣì pọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ fa áńbíréèkì, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe lé ẹ̀rù jáde lára mi ló wù mí jù. Ní ọ̀nà eléruku kan tó gun òkè díẹ̀, tí ọkọ̀ kì í gbà, wọ́n fi igi tí àwọn ọmọ lọ́rì ń fi ṣe wẹ́ẹ̀jì há ẹ̀yìn táyà méjèèjì. Mo mọ̀ pé kò síbi tí ọkọ̀ ń lọ, nítorí náà etí mi ráyè gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ọwọ́ mi mọ́ ọn, wọ́n sún igi náà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n ní kí n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó sún kí n lè rí bó ṣe máa ń rí. Ó yà mí lẹ́nu: ohun tó dà bí ọ̀gbun lọ́kàn mi kò ju bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ kí bíréèkì tó mú un. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yọ igi. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí ní gbogbo àsìkò yìí, wọn kì í dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lẹ́yìn.

Láti ibẹ̀, a lọ sí ìgboro ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nígbà tí àwọn èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ọjọ́ ọjà. Ọlọ́kadà kan fọn fèrè lé mi lórí bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ lówó. Mo fa áńbíréèkì, mo dúró gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì mi, mo gbéra. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan tí mo ní fún ẹni tó fẹ́ sanwó fún olùkọ́: ẹ béèrè ọkọ̀ ta ni wọn yóò fi kọ́ yín, ẹ sì ní kí wọ́n gbéra lórí òkè níṣojú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tiyín ni, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ áńbíréèkì rẹ̀ wò. Èyí tó bá jẹ́ pé ẹ fà á títí kó tó di ọkọ̀ mú, wáyà rẹ̀ ti tú, kò sì lè gbé yín dúró lórí òkè.

Mo ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ báyìí, mo ń dá lọ síbi iṣẹ́, mo sì ti gba Mọ̀pà àti Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀. Ibi tí èmi àti àwọn awakọ̀ wa kò ti fẹnu kò ni sísọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Wọ́n á ní kí n kó o sí fíríì kí epo má tán. Bàbá ní irọ́ ni, jíà tí a fi gun òkè la fi ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè bá bíréèkì dì í mú, torí bíréèkì tí a tẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ á gbóná títí kò fi ní mú mọ́. Ọ̀nà Ọbájànà, níbi tí tírélà símẹ́ǹtì ti ń tò tẹ̀léra, mo ń gbà á lọ́sàn-án. Lálẹ́, mi ò tíì fẹ́ ẹ, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.