Ẹ̀fọ́ Tẹ̀tẹ̀ fún Olùkọ́ Girama: Bí A Ṣe Ń Gbìn Ín Kó Má Baà Bá Ìwé Ìdánwò Pàdé

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo kọ ìwé yìí fún, ẹni tó ń jáde níbi iṣẹ́ ní aago méjì ọ̀sán, tó máa ń délé kí aago mẹ́ta àbọ̀ tó lù, ṣùgbọ́n tí báàgì ìwé kì í kúrò léjìká rẹ̀. Ọ̀sán rẹ̀ ṣófo lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣófo bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù dé ìparí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èèyàn lè jókòó kó gba atẹ́gùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, àtàrí kò ráyè sinmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ wo ìgbà tí iṣẹ́ kan máa ń le kí ẹ tó wo iye owó tó ń mú wá.

Lẹ́sìn ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ rántí. Ó ń mówó wá, ṣùgbọ́n àsìkò tí àwọn òbí máa ń wá olùkọ́ lẹ́sìn jù ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú ìdánwò, ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ tiwa náà ń ga. Lẹ́sìn tún máa ń bí ìwé mìíràn tí a óò máàkì. Adìẹ ẹlẹ́ran tí a ń sìn de Kérésìmesì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìparí oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejìlá ni wọ́n ń jẹun bí iná, àsìkò yẹn sì ni ìdánwò táàmù kìíní.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ mọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, níbi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba, kò gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní kíkún láyè láti máa darí òwò àdáni. Ibẹ̀ náà ló ti sọ pé kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ láti dáko. Oko nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé rẹ̀ lè ṣe é ní gbangba.

Tẹ̀tẹ̀ ni mo yàn nínú gbogbo ẹ̀fọ́, nítorí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló ń gbà láti ọjọ́ tí a fún un dé ọjọ́ tí a tà á. Ohun tó ń yára bẹ́ẹ̀ ṣeé tò mọ́ àárín táàmù. Àmọ́ bó ṣe ń yára dàgbà náà ló ń yára bàjẹ́. Mo kọ́ eléyìí lára. Ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo fún ebè mẹ́jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ táàmù. Gbogbo wọn dé lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, nígbà tí ìwé ìdánwò igba ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wà lórí tábìlì mi. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mi ò fi yà sẹ́yìn ilé. Nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ máa dé, ó ṣẹ́ orí tẹ̀tẹ̀ kan, ó nà án sí mi: "Tíṣà, ẹ wò ó, ó ti ń so. Ta ni mo fẹ́ tà á fún?" Ìdajì owó ló dá lé e, mo sì gbà.

Ẹ jẹ́ ká fi olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe àpẹẹrẹ. Kíláàsì márùn-ún ló ní, akẹ́kọ̀ọ́ 45 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ìwé 225. Bí ìwé kan bá ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìwé 25 máa gba ìṣẹ́jú 100 lọ́sàn-án kan, yóò sì fi ọ̀sán mẹ́sàn-án parí gbogbo rẹ̀. Bí táàmù bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13, tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọkànlá, a jẹ́ pé gbogbo ọ̀sán ọ̀sẹ̀ kejìlá àti ìkẹtàlá ti ní olówó. Ẹ̀fọ́ kò gbọdọ̀ kù lórí ilẹ̀ nígbà yẹn.

Ohun tí yóò ṣe nìyí. Kí ó fún ebè méjì ní ọ̀sẹ̀ kìíní, méjì ní ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí ebè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè pé. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, méjì àkọ́kọ́ ti tó tà. Tí wọ́n bá ti kúrò, kí ó tún fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìkẹfà àti ìkeje, kò sì tún gbọdọ̀ fún irúgbìn kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Èyí tó fún ní ọ̀sẹ̀ keje ni yóò tà kẹ́yìn, ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Lápapọ̀, ebè 14 ló ti tà, méjì méjì lọ́sẹ̀, láìsí ọjọ́ tí ẹ̀fọ́ pọ̀ jù ú lọ. Ọ̀sẹ̀ keje ló máa há jù, nítorí pé tẹ́sìtì àárín táàmù sábà máa ń bọ́ síbẹ̀, ó sì tún fẹ́ fúnrúgbìn. Kí ó sún fífún náà sí àárọ̀ Sátidé.

Ebè gbọọrọ, tí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń pè ní bẹ́ẹ̀dì, ni a ń lò. Kí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kí ọwọ́ lè dé àárín láìtẹ orí rẹ̀, kí ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 15. Tí ẹ bá fi ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sáàárín wọn, ebè mẹ́jọ kò gba ju ìdá kan nínú mẹ́fà pulọ́ọ̀tì ilé kan. Ìgbà ìsinmi ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹ da rọ́bà ọ̀dà kan tó gba lítà 20, tó kún fún ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ, sórí ebè kọ̀ọ̀kan, ẹ rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń gbóná, ó ń jó gbòǹgbò. Bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ inú òkìtì rẹ̀ tí ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ó ń ta sí imú, kò tíì tó lò. Ẹ kó èyí tí ẹ máa lò ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkeje jọ láti ìgbà ìsinmi náà, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ bò ó kí òjò má fọ̀ ọ́ lọ.

Kóró tẹ̀tẹ̀ kéré bí iyanrìn. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán fún un máa rí i pé ibì kan dí bí irun, ibì kan pá. Ẹ wọn ṣíbí ìmutíì méjì gééré fún ebè kan, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ agolo mílíìkì mẹ́ta, kí ẹ fún ìdajì rẹ̀ ní lílọ, ìdajì yòókù ní bíbọ̀. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ fà á lórí fẹ́ẹ́rẹ́. Bí a bá bò ó jìn, kò ní hù. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ ó rí i tó ń yọjú. Nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fa èyí tó dí jù, kí ẹ fi se ọbẹ̀.

Bí òjò kò bá rọ̀, lítà 30 omi ni ebè kan ń fẹ́ lóòjọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀nì ìbomirin onílítà 15 méjì. Ebè mẹ́jọ jẹ́ kẹ́ẹ̀nì 16. Bí kànga bá wà nítòsí, wákàtí kan ni. Nínú táàmù kejì tó bọ́ sí ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ dín in kù sí ebè mẹ́rin. Owó ẹ̀fọ́ máa ń lọ sókè nígbà náà, ṣùgbọ́n apá kì í ṣe irin. Nǹkan bí aago mẹ́rin ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin, kí ewé lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe apọnmi. Kò tọ́ rárá pé kí ọmọ tí òbí rán wá kàwé máa ṣiṣẹ́ ní oko tíṣà.

Ewé tó tutù mọ́jú ni àrùn kan ń wá nígbà òjò. Orí tẹ̀tẹ̀ á rọ̀, á rà, á dàbí ohun tí a fi omi gbígbóná bọ̀. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí irun tín-ín-tín lára rẹ̀ tí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúdú bí orí píìnì. Ẹ fà á tu kíá, ẹ gbé e jìnnà sí àwọn yòókù, kí ẹ sì ya èyí tó kù káàkiri kí atẹ́gùn lè wọlé. Kòkòrò tó ń ká ewé pọ̀ pẹ̀lú òwú bíi ti aláǹtakùn, ọwọ́ la fi ń ṣà á láàárọ̀. Ohun tí a óò jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ohun tí a ń fín oògùn sí.

Tó bá kan títà, ẹ má bá ẹnikẹ́ni di ẹ̀fọ́. Ẹ ta ebè lóròó. Tí tẹ̀tẹ̀ bá dé agbede-méjì ojúgun, ẹ pe ẹlẹ́fọ̀ọ́ méjì kí wọ́n wá wò ó, kí ẹ mú èyí tó dá owó gidi lé e, kó wá fa á fúnra rẹ̀ ní ìdájí. Owó tó máa dín díẹ̀ sí ti ọjà ni, àmọ́ ẹ kò ní dúró lọ́jà, ẹ kò sì ní wá okùn. Ẹ fún un ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kó o tán, nítorí bí ó bá fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan sí i, ilẹ̀ yín kò tíì ṣófo fún irúgbìn mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó, kí ẹ sì fi iye ọjà àdúgbò yín rọ́pò tèmi. Ká ní ebè kan ń lọ ní ₦3,000, ebè 14 jẹ́ ₦42,000. Ká ní ìgbẹ́ adìẹ jẹ́ ₦500 fún rọ́bà kan, ₦7,000 nìyẹn, irúgbìn ₦4,000, alágbàṣe tó kọ ebè ní táàmù àkọ́kọ́ ₦12,000. Èrè táàmù àkọ́kọ́ jẹ́ ₦19,000, ti táàmù mìíràn tí ẹ bá tún ti ta ebè 14 lè tó ₦31,000 bí ẹ bá tún ebè náà ṣe fúnra yín. N kò tíì ka ọkọ́ àti kẹ́ẹ̀nì mọ́ ọn. Owó yìí kò lè kọ́lé. Owó ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni tèmi ń san, a ò sì ra ẹ̀fọ́ mọ́ nílé.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ebè tó bá ti ṣófo kò ní irúgbìn mọ́. Ẹ da ìgbẹ́ adìẹ táàmù tó ń bọ̀ sórí rẹ̀, ẹ rò ó, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Bí ìwé bá dé ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, gbogbo ebè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á ti wà lábẹ́ imọ̀, ìgbẹ́ náà á máa jẹrà jẹ́jẹ́, ẹ̀yin á sì wà lórí tábìlì pẹ̀lú ìwé 25 lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ tí a bá wọlé táàmù tuntun, ẹ ṣí imọ̀ kúrò lórí ebè méjì.