Iye Wo Ni Kí N Kọ? Bí Mo Ṣe Dáhùn Ìbéèrè Owó Oṣù Lórí Fọ́ọ̀mù Iṣẹ́

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí fọ́ọ̀mù náà kí n tó kan àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ "Expected Salary" sí lórí, pẹ̀lú àmì ìràwọ̀ pupa tó ń sọ pé dandan ni. Iṣẹ́ oníṣirò owó ni, ní ilé iṣẹ́ kan ní Victoria Island. Ìkéde wọn kò sọ iye tí wọ́n máa san. "Owó tó dára" ni wọ́n kàn kọ. Mo tẹ "Negotiable" sínú àpótí náà, ó dá mi lóhùn pé "Please enter a valid number". Nọ́ńbà ni wọ́n fẹ́, kò sì sí bí mo ṣe lè fò ó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tẹ òdo tàbí 1 síbẹ̀ kí fọ́ọ̀mù lè gbà wọ́n kọjá. Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo pe àǹtí kan tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Tí èèyàn bá kọ òdo síbi owó oṣù, kí lẹ máa ń rí lọ́dọ̀ yín?"

Ẹ̀rín pa wọ́n. "Òdo náà là ń rí. Tí ọjọ́ bá ti pé, a ó kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ sínú Excel, a ó wá tò ó láti orí ẹni tó béèrè owó tó kéré jù dé orí ẹni tó béèrè èyí tó pọ̀ jù. Gbogbo olódo á kó jọ sókè. Ọ̀gá kan á ní ká pè wọ́n, ká bi wọ́n léèrè. Òmíràn á ní wọn ò ṣe tán láti sọ̀rọ̀, ká fò wọ́n. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó bá bọ́ sí."

Wọ́n tún sọ ohun kan tí kò wá sí mi lọ́kàn rí. Àwọn olódo kọ́ ló máa ń já bọ́ jù níwájú wọn, bí kò ṣe àwọn tó kọ owó ọdún nígbà tí ilé iṣẹ́ ń retí ti oṣù. Ẹni tó kọ 6,000,000 láàárín àwọn tó kọ 450,000 á dà bí ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 náírà lóṣù péré ló ń béèrè.

Ni mo bá padà sórí fọ́ọ̀mù náà. Àmì ìbéèrè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yẹn. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, "per month" yọ. Ìyẹn yanjú ti oṣù àti ọdún. Wọn ò wá sọ bóyá iye tó máa wọ àkáǹtì ni wọ́n ń béèrè àbí iye tó wà kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Ní Nàìjíríà níbí, iye tó wà kí wọ́n tó yọ nǹkankan ló sábà máa ń wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, nítorí náà òun ni mo gbà pé wọ́n fẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé owó tó ń wọlé ni olúkúlùkù wa fi ń ṣírò. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú àpótí yẹn láìṣàlàyé ti dín owó ara rẹ̀ kù kí ẹnikẹ́ni tó bá a ná an.

Iye tó jẹ́ pé tí owó náà bá kéré sí i, mi ò ní lè gba iṣẹ́ náà rárá ni mo kọ́kọ́ wá. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà nígbà náà, ₦310,000 ló ń wọ àkáǹtì mi lóṣù. Ìkòròdú ni mò ń gbé. Láti ibẹ̀ dé Victoria Island àti padà, mo ṣírò pé owó ọkọ̀ á fi nǹkan bí ₦2,500 lójoojúmọ́ ju ti Ìkẹjà lọ. Tí mo bá fi ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù sọ ọ́ di púpọ̀, ₦55,000 nìyẹn. Tí ₦365,000 kò bá wọlé, a jẹ́ pé mò ń kúrò níbi tó sàn lọ síbi tí kò sàn, tòun ti gósíló ọjọ́ gbogbo. Mo wá fi ₦400,000 ṣe iye tí mo fẹ́ kó máa wọlé.

Bí mo ṣe yí i padà sí iye tí mo máa kọ nìyí. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ lára òṣìṣẹ́ jẹ́ ìdá 8 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù gan-an, àjẹmọ́nú owó ilé àti ti owó ọkọ̀. Lábẹ́ òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026, wọn kì í gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún. Ìdá 15 ni wọ́n ń gbà lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 18 sì ni lórí mílíọ̀nù 9 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Ẹni tó ń san owó ilé lè yọ ìdá 20 rẹ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí, tí iye tó máa yọ kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Tèmi jẹ́ ₦600,000 lọ́dún, nítorí náà ₦120,000 ni mo lè yọ. Mo dán ₦500,000 wò: owó ìfẹ̀yìntì gba ₦40,000, owó orí gba ₦63,500, ó ku ₦396,500. Mo gbé e sí ₦505,000, ó sì lé díẹ̀ ní ₦400,000.

Ó kù kí n mọ̀ bóyá ọjà gba iye yẹn. Mo kọ sí àwọn tá a jọ kàwé, tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ náà lágbègbè kan náà. Mi ò bi wọ́n pé èló ni wọ́n ń gbà, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ dáhùn ìyẹn. Ohun tí mo bi wọ́n ni pé, "Tí ẹnì kan bá fẹ́ wọ irú ipò tó o wà lónìí, èló lo máa ní kó béèrè?" Ìdáhùn wọn bọ́ sáàárín ₦400,000 sí ₦600,000, kí wọ́n tó yọ nǹkankan. Mo tẹ 520000, láìfi kọ́mà sí i nítorí àpótí náà kò gba kọ́mà. Ẹgbẹ̀rún 15 tó lé yẹn ni àyè tí màá ti wálẹ̀ bí ẹni tó ń ná ọjà. Nínú àlàyé tí wọ́n fàyè sílẹ̀ fún nísàlẹ̀, mo kọ ọ́ pé ti oṣù kan ni, kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, a sì lè jọ sọ ọ́ tí mo bá ti mọ àwọn àǹfààní yòókù. Wọ́n tún béèrè owó tí mò ń gbà lọ́wọ́. Òótọ́ ni mo kọ, torí wọ́n lè ní kí n mú ìwé owó oṣù wá.

Nígbà tí wọ́n pè mí, obìnrin tó sọ̀rọ̀ bi mí pé, "Ṣé 520 yẹn ṣeé dín?"

Mo ní, "Ó ṣeé sọ mà. Ẹ jọ̀ọ́, èló sí èló lẹ yà sọ́tọ̀ fún ipò náà?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní láti ₦420,000 dé ₦550,000 ni. Ohun tí ìkéde fi pa mọ́ nìyẹn, ìbéèrè kan péré ló sì gbà á jáde.

₦490,000 ni wọ́n fi lọ̀ mí níkẹyìn, pẹ̀lú adójútòfò ìlera fún èmi àti ìyàwó mi. Kí n tó fọwọ́ sí i, mo wo bí wọ́n ṣe pín owó náà. ₦400,000 ló wà fún owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀; ₦90,000 tó kù wà lábẹ́ àwọn àjẹmọ́nú mìíràn tí owó ìfẹ̀yìntì kì í kàn. Ìyẹn jẹ́ kí owó ìfẹ̀yìntì wálẹ̀ sí ₦32,000 lóṣù, tí ₦394,860 sì ń wọ àkáǹtì mi dípò nǹkan bí ₦389,000. Owó ọjọ́ ogbó mi dín kù sí i. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n lè kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ mẹ́ta yẹn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pín in fún gbogbo òṣìṣẹ́. Mo fọwọ́ sí i.