Bí a ṣe ń mú ínfọ́ìsì díẹ̀ yẹ̀ wò fún ọ́díìtì, tí a sì ń so iye kọ̀ọ̀kan mọ́ àwòrán rẹ̀

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Akúrẹ́ àti Oǹdó kì í kó páálí ínfọ́ìsì fún ọ̀dítọ̀ mọ́. Wọ́n á ti ya àwòrán àwọn ìwé náà, ẹ̀rọ á ti ka iye owó tó wà lára wọn sínú Excel, fáìlì yẹn ni wọ́n á sì gbé síwájú yín. Ohun tí ẹ ní láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé iye tí ẹ̀rọ kọ ni iye tó wà lórí ìwé. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà fún iṣẹ́, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́ mọ́. Lórí Windows, àṣẹ yìí á fún fáìlì náà ní àmì ìdánimọ̀:

```
certutil -hashfile ra2024.xlsx SHA256
```

Ẹ kọ àmì gígùn tó bá jáde sínú ìwé iṣẹ́ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà nínú fáìlì náà, àmì yẹn ò ní bá a mu mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ro àpapọ̀ rẹ̀, kí ẹ fi wé lẹ́jà. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ má tíì yan nǹkan kan.

Owó ni mo máa ń fi yàn, kì í ṣe iye ìwé, kí náírà kọ̀ọ̀kan lè ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ká ní ọjà tí oníṣòwò irin kan ní Ọjà Ọba rà lọ́dún kan jẹ́ ₦96,000,000, lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ìwé ìdápadà ọjà sọ́tọ̀ láti yẹ̀ wò lọ́tọ̀, ẹ sì fẹ́ wo ogójì. Ẹ fi ogójì pín in: ₦2,400,000 ni àlàfo láàárín yíyàn kan àti èkejì. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mú ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má fẹnu yan nọ́ńbà:

```
=RANDBETWEEN(1,2400000)
```

Kíá ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí Excel á tún mú òmíràn bí ẹ bá ti ṣe nǹkan míì nínú fáìlì. Ká ní 1,315,000 ló jáde. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí H1, ẹ tẹ 2,400,000 sí H2. Bí iye ínfọ́ìsì bá wà ní D, èyí tó kọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ yìí lọ sí E2, èkejì lọ sí F2, kí ẹ fà wọ́n dé ìsàlẹ̀:

```
=SUM(D$2:D2)
=INT((E2-$H$1)/$H$2)>INT((E2-D2-$H$1)/$H$2)
```

Ìlà tó bá fi TRUE hàn ni ẹ ó yẹ̀ wò. Ínfọ́ìsì tó bá tó ₦2,400,000 kò lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. LibreOffice náà ń ṣe gbogbo èyí, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí àwòrán èyí tó jáde bá sọnù, ẹ má fi ìlà tó tẹ̀ lé e rọ́pò rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé fúnra rẹ̀. Bí wọn ò bá rí i, àṣìṣe ni kí ẹ kà á sí, torí ìwé tí kò sí gan-an lè jẹ́ ọjà tí ẹnikẹ́ni ò rà.

Ibi tí ẹ ó ti so iye mọ́ àwòrán ni mo ti rí i tí iṣẹ́ àwọn ọmọ ọ́fíìsì ń bàjẹ́ jù. Wọ́n á ṣí Excel, wọ́n á rí 480,000, wọ́n á wá lọ wá 480,000 lórí àwòrán. Ojú tó bá ti mọ ohun tó ń wá máa ń rí i, pàápàá lórí ẹ̀dà kábọ́ǹnù tó ti ń pa rẹ́. Nítorí náà, ẹ fi iye inú fáìlì pa mọ́. Ẹ ka àwòrán, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ tó ṣí iye inú fáìlì wò. Bí ẹ ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń pa òpó mọ́ ní Excel, ẹ fi bébà bo ẹ̀gbẹ́ yẹn lójú kọ̀ǹpútà. Bébà yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí kò sẹ́ni tó lè gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ tún mọ iye tí ẹ ń kà. Ọ̀pọ̀ alátajà máa ń fi gbèsè àtẹ̀yìnwá kún ìsàlẹ̀ ínfọ́ìsì, ẹ̀rọ a sì mú àpapọ̀ tí gbèsè wà nínú rẹ̀ bí ẹni pé ọjà ọjọ́ náà ni. Àwọn míì máa ń ní ojú ìwé méjì, tí àpapọ̀ ojú ìwé kìíní kì í ṣe òpin. Ẹ wò ó dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó kẹ́yìn.

Màákì nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. ISA 230, ìlànà àgbáyé lórí àkọsílẹ̀ ọ́díìtì, fẹ́ kí ọ̀dítọ̀ tó ní ìrírí, tí kò bá yín ṣe iṣẹ́ náà rárá, lè ka ìwé yín kó sì mọ ohun tí ẹ ṣe. Nítorí náà, fún iye kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ fáìlì àwòrán, ojú ìwé, ibi tó wà lórí ìwé, ohun tí àwòrán sọ, ohun tí fáìlì sọ, orúkọ ẹni tó kà á, àti ọjọ́. Ẹ má kọ «iye bá mu» láìsọ ibi tó wà. Èyí ni àpẹẹrẹ tó tó:

«scan_0417.pdf, ojú ìwé 1, ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ìlà tó kẹ́yìn. Ọjà 400,000; VAT 30,000; àpapọ̀ 430,000. Fáìlì: 480,000. Ìyàtọ̀: 50,000.»

Ẹ̀rọ rí 3, ó kọ 8. Ìṣirò ara ìwé ló fi í hàn: VAT jẹ́ 7.5% láti oṣù kejì 2020, ìdá yẹn lára 400,000 sì jẹ́ 30,000, nítorí náà àpapọ̀ kò lè jẹ́ 480,000. Ìṣirò kì í rọ́pò àwòrán o. Bí nọ́ńbà ò bá hàn, ẹ béèrè ìwé gidi, ẹ má fojú bù ú. Ẹ gé apá ibi tí iye wà nínú àwòrán, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé iṣẹ́ yín, kí ẹ fi pupa yí nọ́ńbà náà ká. Èmi kì í fọwọ́ sí ìwé tí kò ní àmì pupa yẹn.

Ẹ má tún iye náà ṣe nínú fáìlì wọn. Ẹ fi ìyàtọ̀ hàn, kí ẹ ṣírò ohun tó lè jẹ́ lára gbogbo rẹ̀: 50,000 tí ẹ fi 480,000 pín, tí ẹ sì sọ di ìlọ́po 2,400,000, jẹ́ ₦250,000. Iye yẹn ni ẹ ó fi wé ìwọ̀n àṣìṣe tí ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọ́díìtì náà lè fara mọ́. Ẹ tún béèrè ohun tó fa á. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀dà kábọ́ǹnù ti alátajà kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ò lè kà dáadáa, ẹ wo gbogbo ínfọ́ìsì ti alátajà yẹn.

Yíyàn owó kò lè mú ínfọ́ìsì tí kò sí nínú fáìlì rárá, kì í sì í sábà kan èyí tí ẹ̀rọ kọ iye rẹ̀ kéré jù. Nítorí náà, ẹ padà sí fódà àwòrán, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀, kí ẹ wá ìlà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú fáìlì. Ẹ ka iye àwòrán àti iye ìlà pẹ̀lú. Bí àwòrán bá pọ̀ ju ìlà lọ, ẹ ya àwọn tó ní ojú ìwé méjì àti àwọn tí wọ́n yà lẹ́ẹ̀mejì sọ́tọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù láìní ìlà ni ẹ ó mú lọ bá akáǹtáǹtì wọn.