Bí mo ṣe tún ìwé ìdí ikú màmá kan tò, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́ ló pa wọ́n

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, torí náà ẹ fojú fo ibi tí mo bá ti pariwo jù. Ìwé tí èèyàn lè jókòó kọ dáadáa kí tíì tó tutù ni ẹnì kan fi ìkánjú kọ lóru ní wọ́ọ̀dù wa, ẹni náà ti jápa, èmi ló wá bọ́ sí lọ́rùn. Ó jẹ àkókò ìsinmi mi, ó jẹ owó mọ́tò àwọn ọmọ olóògbé, ó sì mú kí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan kọ̀ pé àwọn ò ní san kọ́bọ̀.

Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀ o. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló ń bá wọn fínra, ó ti lé lọ́dún kan tá a ti ń tọ́jú wọn. Òru ni wọ́n kú. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn ò mọ̀ wọ́n rí, ó kàn ṣí fáìlì, ó wo ojú ewé tó kẹ́yìn, ó rí i pé kíndìnrín ti kọṣẹ́, ó rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó bá kọ ọ́ pé 1a, ọkàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró. 1b, kíndìnrín kọṣẹ́. 1c, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọdún 10. Jẹjẹrẹ ńkọ́? Kò sí níbẹ̀ rárá! Àìsàn tá a fi ń gba màmá sí wọ́ọ̀dù látìgbà yìí wá, kò rí àyè nínú ìwé ikú wọn.

Ọmọ wọn ọkùnrin gbé e lọ síbi ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí tí màmá ti ń san. Nígbà tí màmá fẹ́ wọlé síbẹ̀, wọ́n ti sọ òótọ́ pé àwọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ilé iṣẹ́ náà sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí ikú bá ti ọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru wá, àwọn ò ní san. Wọ́n wo 1c, wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà. Ṣé ẹ rí nǹkan tí ìlà kan ṣoṣo lè fà?

Fọ́ọ̀mù yìí, ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ni a ń lò, ó sì rọrùn téèyàn bá fara balẹ̀. Apá Kìíní dà bí àtẹ̀gùn: 1a ni ohun tó pa èèyàn gan-an ní ìgbẹ̀yìn, 1b ni ohun tó fa 1a, 1c ni ohun tó fa 1b, bẹ́ẹ̀ ló máa lọ dé 1d tó bá pọn dandan. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lára àwọn tẹ́ ẹ lò, òun ni gbòǹgbò, òun náà sì ni wọ́n sábà máa ń kà sí ìdí ikú tí wọ́n bá ń ṣírò iye èèyàn tí àìsàn kọ̀ọ̀kan pa. Apá Kejì wà fún àwọn àìsàn mìíràn tó dá kún ikú ṣùgbọ́n tí wọn ò sí lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń béèrè bó ṣe pẹ́ tó láàárín ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí ìgbà tí èèyàn kú.

Ọ̀rọ̀ 1a yẹn kò tiẹ̀ yẹ kó gba àsìkò wa. Ta ló kú tí ọkàn ẹ̀ ò dáwọ́ dúró? Bí ikú ṣe ń rí nìyẹn, kì í ṣe àìsàn. Mo fagi lé e lọ́kàn mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ibi tó le ni 1c, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ohun tí ọ̀rẹ́ wa kọ síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè. Ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń ba kíndìnrín jẹ́ lóòótọ́. Téèyàn bá kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa kíndìnrín tó kọṣẹ́, gbólóhùn yẹn dúró. Àkókò ẹ̀gbẹ́ ìlà náà ń gùn sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó rí. Ó kọjá gbogbo ìdánwò tí wọ́n kọ́ wa, síbẹ̀ irọ́ ni. Àìsàn tó pẹ́ jù lára èèyàn kọ́ ni gbòǹgbò ikú ẹ̀ dandan. Ṣùgbọ́n èmi náà ò lè kàn fi gègé fa ìlà lé e torí pé ọkàn mi sọ fún mi pé jẹjẹrẹ ni. Mo nílò ohun tó máa fi hàn pé kíndìnrín màmá kò bà jẹ́ látọwọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, pé kókó jẹjẹrẹ ló dí ọ̀nà ìtọ̀ tí kíndìnrín fi kọṣẹ́. Sikáànì ikùn nìkan ló lè sọ ọ́, sikáànì ọ̀hún sì ti pòórá.

Ibí yìí ni wọ́n ti fojú mi rí màbo. Lákọ̀ọ́kọ́, bàbá tó wà ní rẹ́kọ́ọ̀dù ní fáìlì kò sí, ó ní wọ́ọ̀dù ò dá a padà. Wọ́ọ̀dù ní àwọn ti dá a padà. Ó pàpà jáde láàárín fáìlì àwọn aboyún, ẹ má bèèrè bó ṣe débẹ̀. Mo ṣí i, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà, èsì bíọ́sì, ìyẹn àyẹ̀wò ẹran ara tí wọ́n gé níbi tí jẹjẹrẹ wà, náà wà, sikáànì kò sí. Ohun tí mo rí ni gbólóhùn kan tí ọ̀kan nínú àwọn dókítà wa kọ, èmi kọ́ o: “A ti rí sikáànì. Ẹ máa bá ìtọ́jú lọ.” Ẹ rí sikáànì, kí lẹ rí nínú ẹ̀? Ṣé kíndìnrín wú ni àbí ó súnkì? Ẹni tó kọ ọ́ rò pé òun máa wà láyé títí láti máa ṣàlàyé fún wa.

Ẹ̀rọ tiwa ti bà jẹ́ nígbà yẹn, torí náà ìta ni wọ́n ti lọ ṣe é. Mo pe ibẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù ní kí n mú nọ́ḿbà rìsíìtì wá. Ta ló máa ní rìsíìtì ẹni tó ti kú? Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi nínú oòrùn ọ̀sán, wọ́n ní àwọn ti pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, èsì àtijọ́ kò sí lórí tuntun. Mo ní ṣé kò sí ìwé tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní, “Ẹ má bínú dókítà, ọ̀gá wa ò sí ńlé.” Mo padà sílé pẹ̀lú orí fífọ́. Ọmọ màmá ń pè mí láràárọ̀, “Dókítà, ẹ ẹ̀ tíì rí nǹkan kan ni?” àfi bí ẹni pé èmi ni mo kọ ìwé àkọ́kọ́!

Àbúrò ẹ̀ obìnrin ló yọ wá. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù màmá kúrò ní wọ́ọ̀dù, wọn ò tíì ní okun láti tú u látọjọ́ náà, ó kàn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó tú u, ìró méjì, fúláàsì, àti ẹ̀ńfílọ́ọ̀pù aláwọ̀ ilẹ̀ kan tí tíì ti dà sí lára. Ó yà á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí wáàsáàpù, mo fẹ̀ ẹ́ títí mo fi rí ìlà tí mo ń wá: kíndìnrín ọ̀tún sẹ̀ǹtímítà 12.4, ti òsì 12.1, inú méjèèjì wú fún ìtọ̀ tí kò ráyè jáde, ọ̀nà tó ń gbé ìtọ̀ lọ sí àpò ìtọ̀ fẹ̀ lọ́tùn-ún lósì títí dé ibi tí kókó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn. Mo pariwo nínú kíṣìnnì mi. Kíndìnrín tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti jẹ lọ́dún pípẹ́ máa ń kéré ni, ó máa ń súnkì. Eléyìí tóbi, ó sì kún. Kókó jẹjẹrẹ ló fún ọ̀nà ìtọ̀ pa níhà méjèèjì.

Mo wá padà sídìí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti wò ó bóyá ó bá a mu. Kíreátínì, tó máa ń ga tí kíndìnrín ò bá fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, jẹ́ 82 nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ìyẹn dáa. Ọdún mẹ́jọ ó lé tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn nígbà yẹn, kíndìnrín ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó kú ló fò di 240, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn ó ti kọjá 1,100. Kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó tún gba ìrònú ni àìtó ẹ̀jẹ̀. Màmá ń sun ẹ̀jẹ̀ lójú ara, a sì fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára títí. Òun náà, jẹjẹrẹ ló fà á, àmọ́ kì í ṣe òun ló dí ọ̀nà ìtọ̀, ẹ ò lè kì í bọ àárín àtẹ̀gùn yẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni Apá Kìíní ń gbà, ẹ̀ka kejì á lọ sí Apá Kejì.

Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí: 1a, kíndìnrín méjèèjì kọṣẹ́, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 1b, dídí ọ̀nà ìtọ̀ lọ́tùn-ún lósì, bí oṣù méjì, 1c, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ tí bíọ́sì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ó ju oṣù 14 lọ. Mo ní ó jù ú lọ torí oṣù 14 ni bíọ́sì, jẹjẹrẹ ti wà níbẹ̀ ṣáájú kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀. Apá Kejì: ẹ̀jẹ̀ ríru, ọdún 10, àìtó ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ wọn ka ìwé tuntun, ojú ẹ̀ dán, lójú ẹsẹ̀ ló tún fà ro. “Dókítà ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú yọ ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn kúrò pátápátá.” Mo ní rárá o. Ó wà lára màmá yín lóòótọ́, ó sì máa dá kún wàhálà kíndìnrín tó ti dí tẹ́lẹ̀, mi ò tún ìwé yìí kọ torí ìnṣọ́ránsì, mo tún un kọ torí pé ti àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́. Ó bínú díẹ̀. Mo fi hàn án pé Apá Kejì kì í ṣe gbòǹgbò, pé ẹni tó bá mọ fọ́ọ̀mù yẹn kà ò lè fi ìyẹn dí i lọ́wọ́.

Kọ̀ǹsọ́tántì wa wo sikáànì àti kíreátínì, ó fọwọ́ sí i. A ò ya ti àtijọ́ o, ìlà kan la fà kọjá lórí ẹ̀, a kọ ìdí àti déètì sí i, ó sì wà nínú fáìlì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní wọ́ọ̀dù, tí sikáànì bá ti ìta dé, ẹ kọ ìwọ̀n àti ohun tẹ́ ẹ rí sínú fáìlì kẹ́bí tó gbé e lọ, ẹ má kọ “a ti rí i” sílẹ̀ fún wa. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru tẹ́ ẹ ò mọ olóògbé rí, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó kọ gbòǹgbò, kódà kó jẹ́ aago mẹ́ta òru, á bú yín ni, á sì tún sọ fún yín. Ẹbí náà, ẹ ya fọ́tò gbogbo èsì.

Ìnṣọ́ránsì ti gba ìwé tuntun. Wọ́n wá ń béèrè fún sikáànì gan-an báyìí, èyí tó wà nínú ẹ̀ńfílọ́ọ̀pù, fọ́tò ò tó wọn. Mo ti ní káwọn ọmọ ṣe fótókọ́pì ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀ fún wọn.