Ṣé íńtánẹ́ẹ̀tì ló lọ ni, àbí Wáì-Fáì ni kò dé ọ̀dọ̀ yín? Bí mo ṣe yẹ yàrá ìkángun ilé wò

Ẹ̀sùn tí wọ́n gbé wá bá mi ni pé íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń lọ nínú yàrá tó gbẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láàárọ̀, kò sí wàhálà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó di kó já, kó padà, kó tún já. Ẹ̀gbọ́n tó ń lo yàrá náà ti dájọ́ kí n tó dé: "Àwọn tó ń tà á fún wa ni. Ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo ayé ń lò ó, kò wá tó kárí mọ́." Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, nítorí irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Mo bi wọ́n bóyá ó máa ń lọ mọ́ àwọn tó wà nítòsí ráútà lọ́wọ́ nígbà kan náà. Wọn ò lè sọ.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìrìn méjì ni ohun tí ẹ ń wò lórí kọ̀ǹpútà máa ń rìn. Ìkíní, láti ọwọ́ yín dé ọ̀dọ̀ ráútà, inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Ìkejì, láti ọ̀dọ̀ ráútà jáde lọ sí ìta, wáyà ló sábà máa ń gbà. Àmì Wáì-Fáì tó wà lókè fóònù, ìrìn àkọ́kọ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó lè kún bámúbámú kí íńtánẹ́ẹ̀tì má sí rárá. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n yẹ ìrìn kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo kọ́kọ́ pa dátà orí fóònù gbogbo wa. Ẹ má fo èyí. Bí Wáì-Fáì bá ń ṣe ségesège, fóònù mìíràn á yọ́ sá sórí dátà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó ni ín á sì máa búra pé tòun ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, tó ń lo Windows, lọ sí ẹ̀gbẹ́ ráútà. Mo tẹ `ipconfig`, mo sì wá ìlà tí wọ́n kọ `Default Gateway` sí. Nọ́ńbà iwájú rẹ̀ ni àdírẹ́sì ráútà fúnra rẹ̀. Tiwa jẹ́ `192.168.1.1`. Mo ṣí fèrèsé àṣẹ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú wọn:

```
ping -n 50 192.168.1.1
ping -n 50 8.8.8.8
```

Ti àkọ́kọ́ ń ké sí ráútà. Ti ìkejì ń ké sí kọ̀ǹpútà Google kan tó wà níta, tó sì máa ń dáhùn. Nọ́ńbà ni mo lò dípò orúkọ ìkànnì, torí bí ẹ̀rọ tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà bá dákẹ́, ẹ ó rò pé gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì ló kú, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, àádọ́ta ìpè náà ló rí èsì nínú fèrèsé méjèèjì. Ráútà ń dáhùn láàárín `1ms` sí `3ms`; ti ìta ń gba nǹkan bí `30ms`. Ilẹ̀ sì ti ṣú nígbà náà, àkókò tí wọ́n ní ó máa ń lọ gan-an ni. A jẹ́ pé ìrìn kejì dára.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí yàrá ìkángun, mo tún tẹ àṣẹ kan náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ráútà dáhùn ní `4ms`, èyí tó tẹ̀ lé e di `310ms`, lẹ́yìn náà `Request timed out.`, ìyẹn ni pé èsì kò dé rárá, lẹ́yìn náà `6ms`, ó tún fò dé `780ms`. Nísàlẹ̀, ó kọ `Lost = 9 (18% loss)`. Fèrèsé kejì náà ń já bákan náà, kò sì lè ṣe kó má já, nígbà tí ìpè kò tíì dé ọ̀dọ̀ ráútà láyọ̀. Ẹni tó bá wo fèrèsé kejì nìkan ló máa pariwo pé àwọn tó ń tà á ló jẹ̀bi.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣe: ó ń dáhùn, ó ń sinmi, ó tún ń dáhùn. Bí àìlágbára ìgbì Wáì-Fáì ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó lọ ní ti gidi kì í bá èèyàn ṣeré báyẹn, kì í sì í bìkítà yàrá tí ẹ jókòó sí.

Ó ku kí n mọ ìdí tó fi jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Mo tẹ `netsh wlan show interfaces`, mo wo iwájú `Signal`: `36%`. Bí ẹ bá pín nọ́ńbà yìí sí méjì, tí ẹ yọ 100 kúrò, ẹ ó rí i ní dBm, òṣùwọ̀n agbára ìgbì, ní ìwọ̀n bí Windows ṣe ń kà á. Tèmi di -82. Bó bá ti kọjá -70 lọ sí ìsàlẹ̀, fídíò á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ní -82, ìdúpẹ́ ni bí ojú ìwé kan bá ṣí. Bí mo ṣe ń padà lọ ni mo rí ilẹ̀kùn onírin láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo bèèrè. Ṣíṣí ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ lójúmọmọ, wọ́n á tì í bí ilẹ̀ bá ṣú. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n ṣí i, mo padà sí yàrá: `48%`, ìyẹn -76. Ó lè dà bíi pé mẹ́fà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́rin agbára ni. Ìpè ráútà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ já mọ́.

A ò lè ní kí wọ́n máa fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ lóru, nítorí náà mo fa wáyà láti ara ráútà kọjá ilẹ̀kùn, mo so ẹ̀rọ Wáì-Fáì kejì mọ́ òpin rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kì í lo wáyà, tó kàn ń gba ìgbì tó sì ń tún un tan, lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn, bí ẹ bá gbé e síbi tí ìgbì ṣì ti lágbára. Bí ẹ bá gbé e sínú yàrá tí kò rí ìgbì gbà, kí ló fẹ́ tún tan?

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n tún pè mí pé wàhálà náà ti tún dé o. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, mo tẹ àṣẹ méjèèjì. Ráútà dáhùn gbogbo rẹ̀ ní `2ms`. Ìkejì ò rí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe `Request timed out.` ló ń kọ:

```
Reply from 192.168.1.1: Destination net unreachable.
```

Ráútà fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé òun gbọ́ wa, ọ̀nà àbájáde ni òun kò rí. Iná `LOS` lára àpótí tí wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá wọ̀ sì ń ṣẹ́jú pupa, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ kò dé mọ́ láti ìta. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n jàre. Mo pe àwọn tó ń tà á, wọ́n ní kí n pa ráútà kí n tún tan án. Mo ka ìlà yẹn àti iná pupa náà fún wọn, wọ́n sì bi mí pé ìgbà wo ni ẹni tó máa wá wo wáyà lè bá wa nílé.