Kúlà Jọ̀lọ́ọ̀fù Kò Lè Bá Yín Pín Iṣẹ́ Òru: Àṣìṣe Àwọn Ọ̀gá Wọ́ọ̀dù Tuntun

Tí ẹ bá fẹ́ mọ wọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nọ́ọ̀sì kan ṣe ọ̀gá, ẹ yọjú síbẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù á wà lórí tábìlì, páálí mínírà á wà nísàlẹ̀, ẹni tí wọ́n gbé ga á sì máa pín in bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ní kó wẹ ìgbéga, ó sì wẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé lẹ́tà ìgbéga lè dé lónìí kí àfikún owó rẹ̀ máa rìn bọ̀ fún oṣù púpọ̀. Gbèsè ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́ àwọn ọ̀gá wọ́ọ̀dù tuntun sọ́nà, ọ̀rọ̀ yìí sì ti sú mi. Kì í ṣe pé ojú mi le o. Èmi náà, tí ẹnì kan bá pariwo "Mátírọ́ọ̀nù!" lẹ́yìn mi, mo ṣì máa ń wò yíká bóyá ìyá àgbà kan ló ń bọ̀.

Àṣìṣe kìn-ín-ní nìyẹn: kí ẹ máa fi oúnjẹ tu ìbẹ̀rù lójú. Ìbẹ̀rù ló wà nídìí kúlà yẹn. Ẹ̀yin lẹ jọ ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn kiri lánàá, ẹ jọ ń ṣáátá ọ̀gá, lónìí wọ́n ní kí ẹ máa pàṣẹ. Ọkàn á máa sọ pé wọ́n ṣi ẹni yàn. Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ní 1978, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Pauline Clance àti Suzanne Imes, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tó yege dáadáa, tí wọ́n sì gbà lọ́kàn wọn pé oríire lásán ni. Akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn tó rò pé ìgbìmọ̀ tó gba òun wọlé ló ṣèèṣì.

Ṣùgbọ́n ẹ ya "kò tọ́ sí mi" kúrò lára "n kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe". Èkejì yìí sábà máa ń jẹ́ òótọ́. Ọwọ́ tó mọ iṣan rí lára ọmọ tí omi ti tán lára rẹ̀ lè má tíì to rósítà rí, kó má tíì ka oògùn abẹ́ kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn, kó má tíì kọ ìwé béèrè nǹkan lọ́wọ́ sítóò. Ẹ kọ àwọn tí ẹ kò mọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mú un lọ bá ọ̀gá wọ́ọ̀dù kejì. Ìwé náà kì í gùn tó bí ìbẹ̀rù ṣe ń sọ ọ́.

Èkejì: kí ẹ sá padà sídìí iṣẹ́ tí ẹ mọ̀. Ẹ ó rí ọ̀gá tuntun tó ń gún abẹ́rẹ́, tó ń wẹ ojú egbò, tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí gbogbo ènìyàn ń kí i pé kò gbéra ga. Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ìbọ̀wọ́ tán ní wọ́ọ̀dù, sítóò ti ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹta ni ti rósítà, ibẹ̀ sì ni inú mi ti ń ru.

Mo mọ ọ̀gá tuntun kan ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ tó ní nọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án lábẹ́ rẹ̀. Méjì nínú wọn jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Kò lè kọ orúkọ wọn sí iṣẹ́ òru, ó ní wọn á sọ pé ipò ti gùn ún. Oṣù náà ní ọgbọ̀n ọjọ́, ènìyàn méjì ló ń ṣe òru kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọgọ́ta àyè. Tí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá pín in, kálukú á ṣe òru 6, mẹ́fà nínú wọn á sì fi ẹyọ kan kún un. Nígbà tó yọ ọ̀rẹ́ méjì sílẹ̀, àwọn méje yòókù bọ́ sí òru 8 àti 9. Ta ni kò mọ ìṣirò yẹn? Wọ́n kà á lára ògiri lọ́jọ́ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀.

Kùn-ún-kùn-ún bẹ̀rẹ̀. Dípò kó tún un tò, ó ń fi ara rẹ̀ dí àwọn òru tó fa ìjà. Ẹni tó bá ṣe òru kò ní sí níbẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí àwọn dókítà bá ń yípo bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n nílò ọ̀gá wọ́ọ̀dù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló wá ń dáhùn fún wọn. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi ń pe ìyẹn ní ọ̀gá, obìnrin wa sì padà wá bá mi pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ipò yìí kò tọ́ sí òun. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju bírò mọ́ ọn.

Ohun tí a ṣe nìyí. A ṣí ìwé kan tí kálukú lè kọ ọjọ́ méjì tó fẹ́ fi sinmi sí lóṣù, láìsọ ìdí. Ìwé náà ń tì ní ogúnjọ́, rósítà ń jáde ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹlòmíràn pààrọ̀, àwọn méjèèjì á fọwọ́ sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. A kò gba pààrọ̀ orí fóònù. Àwọn mẹ́ta tí kò ṣe òru keje lóṣù yìí ni ti oṣù tó ń bọ̀ á kọ́kọ́ kàn, a sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé kí gbogbo wọn lè rí i. Kí rósítà tó jáde, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀: "Iṣẹ́ òru yín wà nínú èyí o. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i lára ògiri." Ọ̀kan bínú, kò kí i fún ìgbà díẹ̀. Ó sì ṣe òru rẹ̀ pé.

Àwọn kéékèèké, n kò ka nọ́ńbà mọ́: Ẹ má yá ọmọ iṣẹ́ yín lówó. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà torí pé kò pè yín ní "Mà". Ẹ má fi kúẹ́rì ṣe ìkíni àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ pè é, kí ẹ sọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe ìlérí kankan lórí fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò iṣẹ́ tí ẹ máa kọ nípa wọn, àgàgà lórí tábìlì ọtí.

Ẹ̀gbọ́n tó ti wọṣẹ́ ṣáájú yín, tó sì ń retí ipò náà, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ẹ má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé wọ́n yàn yín, ẹ má sì máa yẹra fún un. Ẹ lọ bá a, kí ẹ kúnlẹ̀ kí i bí ẹ ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà fẹ́ ipò yìí. Mi ò lè yí i padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lóṣù yìí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó jẹ́ alábòójútó wọn." Kó jẹ́ iṣẹ́ gidi, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára ògiri. Tó bá kọ̀, ẹ fún ẹlòmíràn.

Ó ku ti Wáàsáàpù. Ẹgbẹ́ tí ẹ ti jọ ń bú ọ̀gá àná, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ń lọ àti ìdí rẹ̀, kó má dà bíi pé ẹ bínú. Tí ẹnì kan bá wá ń ya àwòrán ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní kó dáwọ́ dúró, kí ẹ sì pa á rẹ́ láìkà á.