Bọ́ọ̀lù tó ń ta: bẹ́ẹ ṣe máa fi ṣáàtì yà á kó lè ní agbára

Tẹ́ẹ bá ń ṣe ànímésọ̀n bọ́ọ̀lù tó ń ta, ìyẹn àwòrán tẹ́ẹ̀ ń yà lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè dà bíi pé ó ń rìn, àlàfo tó wà láàárín àwòrán kan sí èkejì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìyàwòrán fúnra ẹ̀ ò le. Iye fíréèmù tí nǹkan máa gbà la mọ̀ sí táímíìnì, ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan máa wà sì ni spésíìnì. Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan: bọ́ọ̀lù róbà, ìbú ẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 4, FPS wa 24, ìyẹn fíréèmù 24 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, àwòrán kọ̀ọ̀kan á dúró fún fíréèmù méjì, bọ́ọ̀lù náà á sì já láti òkè sẹ̀ǹtímítà 18.

Ẹ kọ́kọ́ fa ìlà gbọọrọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ pépà, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 18, òun ni ṣáàtì wa. Òkè pátápátá ni fíréèmù 1, ilẹ̀ ni fíréèmù 13, ìyẹn á gba ìdajì sẹ́kọ́ǹdì. Ẹ wá fi rúlà sàmì láti òkè: 0.5, 2, 4.5, 8, 12.5, 18. Ibẹ̀ ni ìdí bọ́ọ̀lù máa wà ní fíréèmù 3, 5, 7, 9, 11 àti 13. Tẹ́ẹ bá wò ó dáadáa, àlàfo kọ̀ọ̀kan fi sẹ̀ǹtímítà 1 ju èyí tó ṣáájú ẹ̀ lọ, torí bí nǹkan ṣe ń já bọ́ nìyẹn, eré ẹ̀ ń lé sí i ni. Ẹni tó bá pín ìlà yẹn dọ́gba sí 6, bọ́ọ̀lù ẹ̀ á kàn máa sọ̀ kalẹ̀ bíi lífìtì ni.

Ẹ wo àlàfo tó kẹ́yìn, sẹ̀ǹtímítà 5.5 ni, ó ti ju bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ lọ, ojú á wá máa rí bọ́ọ̀lù méjì tó ń já lura wọn dípò ẹyọ kan tó ń sáré, ìdí nìyẹn tá a fi ń nà án. Láti fíréèmù 1 sí 5 ẹ jẹ́ kó rí róbótó, kó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn díẹ̀díẹ̀ láti 7, tó bá fi máa di 13 kó ga tó 5, kí ìdí ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀. Àmọ́ tó bá ga, ó gbọ́dọ̀ tín-ín-rín: gíga lọ́nà ìbú ò gbọdọ̀ kúrò ní 16, torí náà tó bá ga tó 5, ìbú ẹ̀ á jẹ́ 3.2. Fíréèmù 14 ló máa wá tẹ̀, gíga 3, ìbú 5.3, fíréèmù kan ṣoṣo o! Tẹ́ẹ bá fi í síbẹ̀ fún mẹ́rin, á dà bíi pé ilẹ̀ gbá a mú. Bẹ́ẹ bá sì rí i pé bọ́ọ̀lù ń wú tó tún ń rù bẹ́ẹ ṣe ń ṣí pépà yẹn, ìṣirò 16 lẹ ò tẹ̀ lé.

Ní fíréèmù 15 ó tún nà, ó ń kúrò nílẹ̀. Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù, torí ẹ ò nílò ṣáàtì tuntun. Tẹ́ẹ bá kà á láti orí téńté, àmì náà ló ṣì ń lò: 0.5, 2, 4.5, 8. Ẹ kàn gé ìsàlẹ̀ ṣáàtì yẹn kúrò ni, kí bọ́ọ̀lù gun òkè dé 8, fíréèmù 8 ló máa gbà á, fíréèmù 8 náà ló máa fi bọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e á ga dé 2 péré, fíréèmù 4 ní lílọ, 4 ní bíbọ̀. Bó bá ṣe ń kéré sí i, ẹ dín nínà àti títẹ̀ kù, nígbà tó bá máa fi di 2 yẹn kò gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn mọ́. Bọ́ọ̀lù onírin ní tiẹ̀ kì í tẹ̀ rárá, ẹ má fi róbà ṣe é.

Ó wá ku ìmúra. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sílẹ̀ ò nílò ẹ̀, èyí tó fẹ́ fúnra ẹ̀ fò ló nílò ẹ̀, kó tó lọ sókè, á kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀. Ká ní ó wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́ ní fíréèmù 1, orí ẹ̀ wà ní 4. Ẹ mú un sọ̀ sí 3.4 ní fíréèmù 3, 3.1 ní 5, 2.9 ní 7, 2.8 ní 9. Àlàfo ń kéré sí i, ó ń kó agbára jọ nìyẹn. Ìbú ẹ̀ á ti di 5.7 níbẹ̀. Ẹ dá a dúró dé 12 kí ojú lè rí i, ní 13 kó na dé 5 lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má ya nǹkankan sáàárín. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ dorí ṣáàtì àkọ́kọ́ kodò: 5.5 ló máa kọ́kọ́ gùn, tó bá ku díẹ̀ kó dé òkè, 0.5 ni. Tẹ́ẹ bá wò ó tán tó dà bíi pé bọ́ọ̀lù kàn ń léfòó lọ sókè, ẹ wo àlàfo àárín 12 àti 13 àti èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ ti fi àwòrán kan dí i níbẹ̀.